Bí a ṣe ń mú ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ fídíò bá ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀ mu

Àwọn ọmọ Òkun láti Kogi tó wà l'Ékòó máa ń wo fídíò tí a bá ká nílé nínú dánfó, wọn á ti pa ohùn rẹ̀. Ohun tí ojú wọn bá kà nìkan ni wọ́n gbọ́.

Ẹ kọ́kọ́ tẹ gbogbo ohun tí ẹni náà sọ, kí ẹ gé e sí ìlà méjì-méjì, kí ìlà kan má kọjá lẹ́tà 42. CapCut orí fóònù tó fún un. Subtitle Edit lèmi ń lò lórí kọ̀ǹpútà. Ọ̀fẹ́ ni, mo sì ń rí ibi tí ohùn ti yọ sókè.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ ń kúrò ló ń ba iṣẹ́ jẹ́. Ẹnu là, wọ́n gbé e wọlé; ẹnu pa dé, wọ́n yọ ọ́. Ẹni tó ṣe fídíò kì í mọ̀ pé ó yá jù, torí etí rẹ̀ ti bá a gbọ́ ọ.

Mo ká bàbá àgbẹ̀ kan ní Ìyàrá. Ó ní, “Kí òjò tó rọ̀ ni a ti ń gbin iṣu, a ó wá fi koríko bo orí ebè.” Lẹ́tà 61 ni, pẹ̀lú àlàfo, ìṣẹ́jú-àáyá 2.4 péré ló sì fi sọ ọ́. Èmi kì í jẹ́ kí ó ju lẹ́tà 17 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí náà ó yẹ kó wà lójú fún bíi ìṣẹ́jú-àáyá 3.6. Bàbá sinmi díẹ̀ kí ó tó tún lanu, mo bá jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dúró títí inú ìsinmi yẹn:

```
1
00:00:12,400 --> 00:00:16,000
Kí òjò tó rọ̀ ni a ti ń gbin iṣu,
a ó wá fi koríko bo orí ebè.
```

Bí kò bá sinmi ńkọ́? Ẹ yọ “àbí”, “ṣé ẹ rí i” àti àtúnsọ kúrò. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ ṣáájú ẹnu láti rí àyè. Bó bá jẹ́ ẹ̀fẹ̀ ni, ẹ ti jù ú dànù nìyẹn. Ẹ kíyè sí lẹ́tà “ọ̀” pẹ̀lú: àwọn ẹ̀rọ kan ń ka àmì ohùn orí rẹ̀ mọ́ lẹ́tà, iye tí wọ́n ń sọ á sì ga ju bó ṣe yẹ lọ.

Orúkọ àti ìlú bàbá tó ń jáde nísàlẹ̀ náà ń fa wàhálà. Bí ó bá jáde pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, ojú ò ní mọ èyí tí yóò kà. Ìgbà tí bàbá ṣì ń tún fìlà rẹ̀ ṣe ni mo gbé orúkọ tirẹ̀ wọlé, mo kà á jáde lẹ́ẹ̀mejì, mo wá yọ ọ́ kí ó tó sọ̀rọ̀. Bí ẹni náà bá ti ń sọ̀rọ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ẹ gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ sókè títí orúkọ yóò fi kúrò.

Ẹ wá pa ohùn, kí ẹ gbé fóònù fún ẹni tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí ẹ ń ká a. Ibi tó bá ti fi ìka dá fídíò dúró kó lè kà á tán, ẹ padà síbẹ̀.