Ẹnu ni àbí ẹmu? Fún àwọn tó ń gbé ìwé àtijọ́ wá bá mi

Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mò ń ṣe ní Òkè-Fíà, nílùú Òṣogbo níbí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹni tó ń yà sí ṣọ́ọ̀bù mi kì í wá tẹ nǹkan kan. Ìwé tí wọ́n bá nínú àpótí bàbá wọn ni wọ́n ń gbé wá, èyí tí ẹni tó kọ ọ́ so gbogbo lẹ́tà rẹ̀ pọ̀ mọ́ra wọn. Ìbéèrè kan náà ni lójoojúmọ́. Ẹnu ti ń ro mí.

"Mo ti yà á sórí fóònù, ẹ bá mi kà á níbẹ̀."

Rárá o. Ìwé náà gan-an ni kí ẹ gbé wá, ní àárọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló dé tí gbogbo rẹ̀ fi jọ ehín ayùn?"

Igi kan náà, ìyẹn ìlà tó ń sọ̀kalẹ̀, ni wọ́n fi kọ́ i, n, u àti m. Igi kan ni i, igi méjì ni n, méjì náà ni u, mẹ́ta ni m. Nínú ìwé tí a fi ẹ̀rọ tẹ̀, orí n ká bí afárá, ìdí u sì ká bí igbá. Ẹni tó ń kánjú kò ráyè afárá. Á kàn máa gòkè, á máa sọ̀kalẹ̀ ni.

Nítorí náà, ẹ fi ọ̀rọ̀ kíkà sílẹ̀ ná, igi ni kí ẹ kà. Ìlà tó nípọn, tó ń sọ̀kalẹ̀, ni igi. Èyí tó tín-ín-rín, tó ń gòkè, kò sí nínú iye. Ẹ dorí ìwé náà kodò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ojú yín má baà máa ka ohun tí ọkàn yín ti pinnu. Bọ̀dá kan ti bínú dé ṣọ́ọ̀bù mi pé àbúrò bàbá òun kọ "enu re dun" sí bàbá òun, pé ó ń pè é ní ẹlẹ́nu dídùn. A ka igi tó tẹ̀lé lẹ́tà e àkọ́kọ́ yẹn, márùn-ún ni. Ẹmu ni wọ́n ń yìn.

"Mo ti kà á, igi mẹ́rin ni. Ṣé nu ni àbí un?"

Ẹ wo lẹ́tà tó ṣáájú. Yorùbá kì í to kọ́ńsónáǹtì méjì tẹ̀lé ara wọn bí Gẹ̀ẹ́sì. Bí f bá ṣáájú igi mẹ́rin yẹn, "fun" ni, nítorí kò sí "fnu" lédè wa. Bí e bá ṣáájú, "enu" ni. Òfin yìí nìkan ń tú bí ìdajì ohun tí wọ́n ń gbé wá.

Ó ní ibi tó ti ń yẹ̀ ṣá. Bí ará Ìjẹ̀ṣà bá kọ̀wé bí ó ṣe ń sọ̀rọ̀, u, tí kì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nínú Yorùbá ilé ìwé, lè bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, nítorí "ulé" ni wọ́n ń pe ilé. Àwọn àgbà sì máa ń kọ "nwọn" níbi tí àwa ti ń kọ "wọn", torí náà ẹ má sọ n tó wà níwájú yẹn di àṣìṣe, ẹ má sì pa á pọ̀ mọ́ w kí ẹ wá máa pè é ní m.

"Mo ka igi, mo wo dọ́ọ̀tì orí lẹ́tà i, síbẹ̀ orúkọ méjì ló bá a mu."

Háà. Èyí ni mo ti jìyà rẹ̀ rí.

Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan gbé ìwé bàbá wọn wá, èyí tí bàbá náà kọ láti oko kòkó sí àbúrò rẹ̀ nílé. Ó ní kí wọ́n fún ẹnì kan ní yàrá iwájú. Ẹnì kan yẹn ni ìjà. Mumini ni àbí Muniru? Orúkọ méjèèjì ló wà nínú ilé náà, wọ́n sì wọ́pọ̀ ní Òṣogbo wa yìí.

Ẹ yọ M ńlá kúrò. Mumini á ní u méjì, m mẹ́ta, i kan, n méjì, i kan: igi mẹ́sàn-án. Muniru á ní u méjì, n méjì, i kan, r, àti u méjì. Bí r bá jẹ́ igi kan, mẹ́jọ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n r ọwọ́ kánjúkánjú a máa ní èjìká tó sọ̀kalẹ̀ bí igi kejì, ó sì di mẹ́sàn-án. Mẹ́sàn-án ni mo kà nínú ìwé náà.

Mo sá lọ sọ́dọ̀ dọ́ọ̀tì. Ọ̀kan wà lókè igi keje, òmíràn sì wà lẹ́yìn igi kẹsàn-án, níbi tí kò sí nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀. Mo ní ìgbẹ́ eṣinṣin ni ti ẹ̀yìn yìí, mo gba ti iwájú sí lẹ́tà i inú Muniru, tó jẹ́ igi karùn-ún, mo sì sọ fún wọn pé Muniru ni. Inú ẹnì kan dùn, ẹnì kejì bú mi. Ẹni tó bú mi ló jàre.

Ohun tí mo gbàgbé ni pé ẹni tó ń kánjú máa ń kọ ọ̀rọ̀ tán kó tó padà wá fi dọ́ọ̀tì sí i, ọwọ́ rẹ̀ á sì ti sún sí ọ̀tún. Báwo la ṣe mọ ibi tó sún dé? Ẹ wá ọ̀rọ̀ tí kò sí iyàn nínú rẹ̀ nínú ìwé kan náà. "Ninu" wà nínú ìwé yẹn ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Igi kẹta ló ni dọ́ọ̀tì, ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, orí igi kẹrin ló bọ́ sí. Ó túmọ̀ sí pé igi kan péré ni bàbá yìí ń fi sún. Dọ́ọ̀tì orí igi keje jẹ́ ti igi kẹfà, ti ẹ̀yìn sì jẹ́ ti igi kẹsàn-án. Mumini nìkan ni i rẹ̀ wà níbẹ̀.

Mi ò gbà bẹ́ẹ̀ ná, ojú ti ń tì mí. Mo mú awò tó ń mú nǹkan tóbi, mo wo ẹsẹ̀ igi. Ibẹ̀ ni àṣírí wà. Nínú n àti m, gègé máa ń gun igi tó ti kọ padà kó tó ya sí èyí tó kàn, nítorí náà ẹsẹ̀ igi náà á mú ṣóńṣó. Nínú u àti i, ẹsẹ̀ á ká róbótó kó tó gòkè. Igi tó gbẹ̀yìn nínú n tàbí m náà máa ń ká róbótó. Igi kẹrin ló máa dá ẹjọ́ yìí: bó bá jẹ́ Muniru, òun ló gbẹ̀yìn nínú n, á ká, bó bá jẹ́ Mumini, àárín m ló wà, á mú ṣóńṣó. Ó mú bí abẹ́rẹ́.

Fọ́tókọ́pì ni mo kọ́kọ́ fi ṣiṣẹ́, tàdáwà rẹ̀ sì ti dì mọ́ gbogbo ẹsẹ̀ igi. Bí mo ṣe ṣìnà nìyẹn. Mo padà lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn méjèèjì.

Àwọn kan wà tí gbogbo ẹsẹ̀ igi wọn mú ṣóńṣó láti òkè ìwé dé ìsàlẹ̀. Lọ́dọ̀ irú wọn, dọ́ọ̀tì àti lẹ́tà tó ṣáájú nìkan ló kù.

"Ṣé mo lè fi báírò tẹ̀lé ìlà rẹ̀ kó lè hàn dáadáa?"

Ẹ má dán an wò! Ẹnì kan ṣe é fún ìwé ilẹ̀ wọn, èmi náà kò sì rí ẹsẹ̀ igi kankan mọ́ lábẹ́ báírò rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ti kan ilẹ̀ tàbí ogún, ẹ tọ́jú ìwé náà bó ṣe wà, kí ẹ gbé e lọ bá agbẹjọ́rò. Òun ló máa mọ ẹni tó ń yẹ ọwọ́ ìkọ̀wé wò fún ilé ẹjọ́. Ẹ má pè mí wá jẹ́rìí o. Ìwé ni mò ń tẹ̀.