Bí mo ṣe wá lìmíìtì x·sin(1/x) nídìí òdo

Ìbéèrè náà kò gùn: bí x bá ń sún mọ́ òdo, iye wo ni x·sin(1/x) ń lọ bá? Ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn ni pé ká wá lìmíìtì x, ká wá ti sin(1/x), ká sì fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀. Ọ̀nà yẹn dí. Mo fi nọ́ńbà díẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò: tí x bá jẹ́ 2/π, sin(1/x) jẹ́ 1, ní 2/(3π), ó di −1, ní 2/(5π), ó tún padà di 1. Bí x ṣe ń sún mọ́ òdo ni ìjó náà ń yára sí i, kò sì fẹ́ dúró síbì kankan. Kò ní lìmíìtì rárá, nítorí náà òfin ìsọdipúpọ̀ lìmíìtì kò lè ràn wá lọ́wọ́.

Àmọ́ bó ti wù kó jó tó, kò ní kọjá 1, kò sì ní wálẹ̀ ju −1 lọ. Ibẹ̀ ni mo dì mú:

−1 ≤ sin(1/x) ≤ 1

Ó kù kí n fi x sọ gbogbo rẹ̀ di púpọ̀. Ibí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń kọ −x ≤ x·sin(1/x) ≤ x, tí wọ́n á sì kọjá lọ. Ó tọ́ tí x bá ju òdo lọ. Ṣùgbọ́n fi −0.1 sí i: ohun tí ìlà yẹn ń sọ ni pé 0.1 kéré sí −0.1! Nọ́ńbà tó wà lábẹ́ òdo máa ń yí àmì náà padà. Mo wá lo |x|, ìyẹn bí x ṣe jìnnà sí òdo tó, láìka ẹ̀gbẹ́ tó wà sí:

−|x| ≤ x·sin(1/x) ≤ |x|

Ìlà ti òkè ń lọ sí òdo, ti ìsàlẹ̀ náà ń lọ sí òdo. Èyí tó há sáàárín wọn kò ríbi mìíràn lọ, nítorí náà lìmíìtì rẹ̀ jẹ́ 0. Mo fi kalikulétọ̀ dán an wò ní x = 0.01: sin(100) fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ −0.506, ìsọdipúpọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi −0.005, láàárín −0.01 àti 0.01. (Rédíánì ni kalikulétọ̀ náà gbọ́dọ̀ wà. Tó bá wà ní dígírì, ìdáhùn á ṣì bọ́ sáàárín ìlà méjèèjì, ẹ kò sì ní mọ̀ pé ó ti ṣì.)

Lẹ́yìn náà mo fún fọ́ńṣọ̀n yìí ní iye 0 nídìí òdo, kí ó má baà ní àlàfo, mo sì wá bó ṣe dagun tó níbẹ̀. Mo fi h dúró fún ìṣísẹ̀ kékeré kan kúrò ní òdo, mo pín h·sin(1/h) sí h, ó sì ku sin(1/h), oníjó tí kò ní lìmíìtì. Kò sí ìdagun kankan nídìí òdo nìyẹn. Tí mo bá fi x²·sin(1/x) rọ́pò rẹ̀, lẹ́yìn pípín, h·sin(1/h) ló máa ṣẹ́ kù, èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yanjú: ìdagun rẹ̀ jẹ́ 0.