Páàdì 19 ṣòfò: bí mo ṣe fi bọ́ọ̀lù tó ń ta kọ́ ọmọ girama ní ìlànà kàtúùnù

Ẹ jẹ́ kí n ti orí owó bẹ̀rẹ̀, torí òun ló ṣì ń dùn mí. Páàdì 19, ₦1,200 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ₦22,800 láti àpò ara mi. Àwọn bébà kéékèèké aláwọ̀ yẹ́lò tó ní gọ́ọ̀mù létí kan ni, èyí tí àwọn ará ọ́fíìsì máa ń lẹ̀ mọ́ fáìlì. Ọmọ 38 ni mo ní ní kíláàsì kejì girama kékeré. Mo pín wọn ní méjì-méjì, páàdì kan fún ọmọ méjì. Ẹni tó tà á fún mi kò yọ kọ́bọ̀ kan kúrò.

Ìlànà méjìlá tí àwọn tó ń ya kàtúùnù ń tẹ̀ lé ni mo fẹ́ kọ́ wọn, èyí tí Frank Thomas àti Ollie Johnston, àgbà ayàwòrán ní Disney, tò sínú ìwé wọn ní 1981. Bọ́ọ̀lù tó ń ta nílẹ̀ ni wọ́n sábà fi ń kọ́ ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, torí róbótó lásán ni, ẹni tí kò lè ya ojú èèyàn náà lè yà á. Bí a ṣe ń ya nǹkan sórí ewé kan tẹ̀lé ewé kan, tí a ó wá fi àtàǹpàkò ṣí i wéré-wéré, kò sí ọmọ ìjókòó ẹ̀yìn tí kò mọ̀ ọ́n, n ò ní fi ìyẹn dá yín dúró.

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú 40, bọ́ọ̀lù wọn kọ̀, kò já bọ́. Ó kàn ń sọ̀kalẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ìgbà tí èèyàn ń fi okùn sọ garawa sínú kànga. Ó débẹ̀, ó tún ń gòkè bọ̀ jẹ́jẹ́. Àwọn ọmọ náà wò mí, èmi náà wò wọ́n.

Mo rò pé títẹ̀ ló kù. Nínú ìlànà méjìlá yẹn, ìkíní tí gbogbo ayé máa ń dárúkọ ni pé kí nǹkan rọ̀, kí ó tẹ̀ nígbà tó bá kan ilẹ̀, kí ó nà nígbà tó bá ń sáré. Mo ní, "Ẹ tẹ̀ ẹ́ nílẹ̀!" Ha, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ewé mẹ́rin ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Bọ́ọ̀lù balẹ̀, ó lẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀ẹ́ bí ìyán tó bọ́ lọ́wọ́ ọmọdé, ó sinmi díẹ̀, ó wá gbéra. Ti àwọn kan tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: wọ́n fẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, wọn ò dín gíga rẹ̀ kù, ó wá dà bíi pé ńṣe ni bọ́ọ̀lù lọ jẹun nílẹ̀. Bí mo ṣe lo ọjọ́ méjì nìyẹn, tí bébà yẹ́lò kún abẹ́ tábìlì, tí mo ń tún ohun tí kò bàjẹ́ ṣe.

Màmá Físíìsì, bí gbogbo wa ṣe ń pè wọ́n, ló gba ẹnu ọ̀nà kọjá. Wọ́n mú ìwé kan, wọ́n ṣí i lẹ́ẹ̀mejì.

"Tíṣà, ta ló ń fà á lókùn?"

Mo ní, "Mà, kò sẹ́ni tó ń fà á o."

"Kí ló dé tí ìṣísẹ̀ rẹ̀ dọ́gba?"

Wọ́n gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní ohun tó bá ń já bọ́, bí ó bá lọ ìwọ̀n 1 ní àkókò kìíní, yóò lọ 3 ní ìkejì, 5 ní ìkẹta, 7 ní ìkẹrin. Wọ́n ní Galileo ti tẹ ìyẹn sínú ìwé láti 1638. Èmi tí mo ti ń pariwo "rọra bẹ̀rẹ̀, rọra parí" fún àwọn ọmọ, tí í ṣe ìkan nínú ìlànà méjìlá náà, n ò fún wọn ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Mo sì ti jẹ́ kí wọ́n rò pé yóò rọra nílẹ̀ náà. Irọ́ ni. Òkè nìkan ni bọ́ọ̀lù ti ń rọra. Eré ńlá ni yóò fi kan ilẹ̀.

Ibi tí inú ti wá bí mi jù nìyí. Bébà ₦1,200 yẹn kò ní ìlà kankan lára, kò sì sí bí ọmọ ṣe lè ka ìṣísẹ̀ 1, 3, 5 sórí rẹ̀ láìfi rúlà wọ̀n ọ́n lórí ewé kọ̀ọ̀kan. Ìwé tí wọ́n fi ń kọ nóòtì ní ìlà tẹ́lẹ̀! Mo ra eléwé 60 méjì. Mo gé ewé kọ̀ọ̀kan sí méjì ní ìbú, ìwé kan di ààbọ̀ ewé 120. Mo fún ọmọ méjì ní 12: 10 fún àwòrán, 1 fún ẹ̀yìn, 1 fún àṣìṣe. Ìwé méjì ká ẹgbẹ́ 20. Ẹgbẹ́ 19 ni mo ní.

Ìlà kan nísàlẹ̀ ni ilẹ̀, ibẹ̀ la ti ń kà á sókè. Ibi tí ìdí bọ́ọ̀lù wà ni kí ẹ máa wò, kì í ṣe àárín rẹ̀. Ewé kìíní, ìdí bọ́ọ̀lù wà lórí ìlà 9. Èyí tó tẹ̀lé e, 8. Lẹ́yìn náà 5. Lẹ́yìn náà 0, ilẹ̀ nìyẹn. Ìṣísẹ̀ 1, 3, 5 pé. Nígbà tó bá ta, kò ní lè dé 9 mọ́: 3, lẹ́yìn náà 4, ó tún ń bọ̀, 3, 0. Èyí tó kẹ́yìn, 1, ó parí sí 0. Ewé 10 gééré.

Bọ́tìnì kóòtù tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 2 la fi yí róbótó náà, kí ó má baà máa tóbi, kí ó máa kéré. Ewé tó wà ní ìlà 5 nígbà tó ń bọ̀ wálẹ̀, ẹ nà á: gíga 2.5, ìbú 1.6. Ewé tó kan ilẹ̀, ẹ yí i padà: gíga 1.6, ìbú 2.5. Ẹ sọ wọ́n di púpọ̀, 4 ni, bíi 2 lọ́nà 2, ìyẹn ni pé bọ́ọ̀lù kò sanra, kò sì rù. Ewé kan ṣoṣo ni títẹ̀ gbà. Bí ọmọ bá bẹ̀ yín fún ìkejì, ẹ má gbà.

Wàhálà kan ṣì kù. Bí a bá ń ṣí i ní ìwọ̀n àwòrán 12 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ewé 10 ti tán kí ojú tó gbà á, àtàǹpàkò kò sì rí nǹkan dì mú. Mo bá kó ìwé ẹgbẹ́ mẹ́rin pọ̀, mo fi kílíìpù ńlá gbá a mú. Bọ́ọ̀lù já bọ́ nígbà mẹ́rin, ọwọ́ ọmọ mẹ́jọ. Bí kíláàsì ṣe hó, àní ẹni tó wà ní ọ́fíìsì ọ̀gá gbọ́ ọ. Mo rìn káàkiri ọgbà lọ́jọ́ yẹn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ oyè.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìlà kan náà la lò, àmọ́ a ń sún bọ́ọ̀lù sí ọ̀tún ní sẹ̀ǹtímítà 1 lórí ewé kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà tó tẹ̀ bí ọrun ọdẹ jáde fúnra rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò yà á.

Ẹ má sọ pé ẹ ó fi bọ́ọ̀lù kan kọ́ méjèèjìlá o. Èmi ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ètò ẹ̀kọ́ mi, mo sì padà pa á rẹ́. Títẹ̀ àti nínà, rírọra, ọ̀nà títẹ̀ àti àkókò ni mo rí gbámú. Ìmúra, tí òun náà jẹ́ ìkan nínú méjìlá yẹn, kò sí níbẹ̀, torí bọ́ọ̀lù tí a jù sílẹ̀ kì í múra. Ohun tó bá fúnra rẹ̀ fẹ́ fò ló ń kọ́kọ́ lóṣòó. Ọmọbìnrin kan fi ìrù kún tirẹ̀, ìrù náà ṣì ń mì nígbà tí bọ́ọ̀lù ti dúró. Ìlànà mìíràn nìyẹn, n kò tíì kọ́ wọn. Mo kàn dákẹ́, mo fún un ní ewé sí i.

Páàdì yẹ́lò 7 tí ewé ṣì kù nínú wọn wà nínú dúrọ́ọ̀ mi. ₦800 ni mo ń tà á.