Bí A Ṣe Ń Ṣe Káàdì Ìkẹ́kọ̀ọ́ Àmì Ojú Ọ̀nà fún Ìdánwò Ìwé Àṣẹ Ìwakọ̀

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń múra ìdánwò ìwé àṣẹ ìwakọ̀ ló máa ń ya àmì sí iwájú káàdì, tí yóò sì kọ orúkọ rẹ̀ sí ẹ̀yìn. Irú káàdì bẹ́ẹ̀ wúlò, ṣùgbọ́n kì í ṣe orúkọ àmì nìkan ni ìdánwò máa ń béèrè. Ohun tí awakọ̀ yóò ṣe nígbà tó bá bá àmì náà pàdé láàárín àwọn àmì mìíràn ni ó tún ń béèrè. Nítorí náà ni ó fi dára kí a to káàdì gẹ́gẹ́ bí ipò tí awakọ̀ bá wà: oríta, ojú ọ̀nà tóóró, ibi ìgbọ́kọ̀sí, ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ ti ń sọdá, àti ibi tí ọ̀nà ti gba orí irin ọkọ̀ ojú irin kọjá. Oríta ni kí a fi bẹ̀rẹ̀, torí pé ibẹ̀ ni òfin méjì tàbí mẹ́ta ti sábà máa ń pàdé.

Kọ́kọ́ wá ìwé òfin ìrìnnà tí ìjọba orílẹ̀-èdè tí o ti fẹ́ ṣe ìdánwò fọwọ́ sí. Ka abala oríta tán kí o tó gé bébà kankan. Lẹ́yìn náà, gé bébà líle sí ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́. Sí iwájú káàdì kọ̀ọ̀kan, ya oríta bí ẹni tó wà lókè ṣe máa rí i, fi ọfà tọ́ka sí ọ̀nà tí ọkọ̀ tìrẹ ń gbà bọ̀, kí o sì kọ ìbéèrè kan ṣoṣo. Sí ẹ̀yìn, kọ ohun tí wàá ṣe, kí o sì kọ ìdí rẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo oríta kan tó ní iná ìdarí ọkọ̀ àti àmì ìdúró onígun mẹ́jọ pupa. Àwòrán kan náà ni a ó fi ṣe káàdì mẹ́ta. Nínú èkíní, iná aláwọ̀ ewé ń tàn: ìdáhùn ni pé kí o máa lọ pẹ̀lú ìṣọ́ra, nítorí àṣẹ iná borí àṣẹ àmì. Nínú èkejì, iná ti kú pátápátá: àmì ìdúró ti gba àṣẹ rẹ̀ padà, o gbọ́dọ̀ dúró pátápátá níbi ìlà kí o tó fi ọ̀nà sílẹ̀ fún àwọn tó ń kọjá. Nínú ẹ̀kẹta, iná aláwọ̀ ewé ń tàn, ṣùgbọ́n ọlọ́pàá tó ń darí ọkọ̀ na ọwọ́ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́, ó sì kọ ẹ̀yìn sí ọ. O ní láti dúró, nítorí àṣẹ ọlọ́pàá ló ga jù lọ, ẹni tó bá sì dojú kọ àyà tàbí ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní ọ̀nà. Ẹni tó bá mọ àwọn mẹ́ta yìí ti mọ ètò àṣẹ náà láìjẹ́ pé ó há a sórí.

Oríta tí kò ní iná, àmì tàbí ọlọ́pàá náà gbọ́dọ̀ ní káàdì tirẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n ti ń wa ọkọ̀ ní apá ọ̀tún, ọkọ̀ tó bá ti ọwọ́ ọ̀tún rẹ yọ ni wàá fi ọ̀nà sílẹ̀ fún, ṣùgbọ́n òfin yìí yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn, nítorí náà má ṣe da káàdì ẹni tó ń ṣe ìdánwò ní ilẹ̀ mìíràn kọ.

Àwọn àmì tó jọra la máa ń fi sórí káàdì kan. Lójú ọ̀nà tóóró, àmì róbótó elétí pupa máa ń ní ọfà pupa kan àti dúdú kan. Èyí tó jẹ́ onígun mẹ́rin aláwọ̀ búlúù ní ọfà funfun àti pupa. Ọfà tó kọjú sókè ni ìwọ, èyí tó kọjú sílẹ̀ ni ẹni tó ń bọ̀, ẹni tí ọfà tirẹ̀ bá pupa ni yóò sì dúró. Nínú àmì róbótó, ìwọ ni. Nínú onígun mẹ́rin, ẹni tó ń bọ̀ ni. Béèrè lórí káàdì náà pé, “Èwo ló ní kí n kọjá?”

Ka káàdì ìpín kan títí wàá fi lè sọ ìdí rẹ̀ láìyí i padà, kí o tó da gbogbo ìpín pọ̀, torí pé ìdánwò kì í sọ ìpín tí ìbéèrè ti wá. Bí o bá ń dáhùn kíákíá ṣùgbọ́n tí o kò lè sọ ìdí, àwòrán lo mọ̀, kì í ṣe òfin. Tún káàdì bẹ́ẹ̀ yà, kí ọkọ̀ rẹ máa ti ọ̀nà mìíràn bọ̀ lọ́tẹ̀ yìí, kí o sì wò ó bóyá ìdáhùn náà yí padà.