Ta ló ṣe é? Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú ìjábọ̀

Ẹ wo bí ìgbìmọ̀ omi àdúgbò kan ṣe lè jábọ̀: "Wọ́n ra ẹ̀rọ tó ń fa omi ní oṣù Kẹta. A kò yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó san owó. Ẹ̀rọ náà jóná." Kò sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ṣi kọ níbẹ̀, síbẹ̀ ẹni tó bá fẹ́ mọ ẹni tó náwó kò ní rí i.

Ẹ má fi "wọ́n" àti "a" bo ẹni tó ṣe nǹkan mọ́lẹ̀. "Wọ́n" yẹn lè jẹ́ ìgbìmọ̀, ó sì lè jẹ́ alágbàṣe. "A" tún léwu ju ìyẹn lọ, nítorí ó lè jẹ́ àwa tí à ń kọ ìwé, ó sì lè jẹ́ ẹnikẹ́ni. Níbi tí owó, ìpinnu tàbí ẹ̀bi bá ti wọ ọ̀rọ̀, ẹ fi ipò ẹni náà sí i: "Akọ̀wé ra ẹ̀rọ náà ní oṣù Kẹta. Alábòójútó iṣẹ́ kò yẹ̀ ẹ́ wò kí akápò tó san owó." Orúkọ ipò tó, kò di dandan kí ẹ dárúkọ ènìyàn.

"Ẹ̀rọ náà jóná" tilẹ̀ tún burú sí i, torí ó dà bí ẹni pé ẹ̀rọ ló fúnra rẹ̀ jóná. Bó bá jẹ́ pé oníṣẹ́ iná ló so wáyà rẹ̀ mọ́ ibi tí iná ti pọ̀ jù, ohun tó yẹ kí ìjábọ̀ sọ nìyẹn. Bí ẹ kò bá tíì mọ ohun tó fà á, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ibi ló nílò olùṣe, ṣá. "Wọ́n jí wáyà ẹ̀rọ náà lóru" dára, nítorí kò sẹ́ni tó mọ olè ọ̀hún. "A fi oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn fọ kànga" náà dára: ipò tí kànga wà ni òǹkàwé ń wá, kì í ṣe ẹni tó fọ̀ ọ́.

Èyí tó ń dùn mí jù ni "láti ọwọ́". Ẹni tó fẹ́ fi ẹ̀rọ ṣáájú gbólóhùn á kọ "Ẹ̀rọ náà ni a rà láti ọwọ́ akọ̀wé." Ohun tí ọ̀pọ̀ òǹkàwé máa gbọ́ ni pé akọ̀wé ló tà á fún ìgbìmọ̀! Ẹ̀sùn ńlá nìyẹn. Yorùbá lè gbé ẹ̀rọ síwájú kó má sì sọ olùṣe nù: "Ní ti ẹ̀rọ náà, akọ̀wé rà á ní oṣù Kẹta." Ẹ ṣọ́ra fún "Ẹ̀rọ náà ni akọ̀wé rà", torí "ni" ń ya nǹkan sọ́tọ̀. Bí kò bá sí ẹni tó bèèrè bóyá páìpù ni akọ̀wé rà tàbí ẹ̀rọ, "Akọ̀wé ra ẹ̀rọ náà" ti tó.