Bí a ṣe ń bọ́ lórí ìkíni sórí ìbéèrè kejì

Bí ẹ bá fẹ́ bá ẹni tí ẹ ò mọ̀ rí sọ̀rọ̀ níbi iṣẹ́ rẹ̀, ìbéèrè kejì ló máa ń sọ bóyá ọ̀rọ̀ yóò gùn. Ẹ jẹ́ ká fi onídìrí kan ní ọjà Ìpàtà, ní Ìlọrin, ṣe àpẹẹrẹ. Kíkí ò nira. Ẹni tó ń dirun, “Ojú gbooro o” là ń kí i, yóò sì fèsì pé “Òòyà á yà o.” Bí ẹ bá gbàgbé, “Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá” náà tó. Ẹ kúnlẹ̀ díẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀, kí ẹ sì ti fóònù bọ àpò. Èmi kì í fi í sọ́wọ́ rárá.

Ìbéèrè àkọ́kọ́, ẹ mú un látinú ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀: “Irun wo lẹ ń dì yìí, ìyá?” Ẹ má béèrè pé “Ṣé dáadáa lẹ wà?” “A dúpẹ́” ni yóò fi dá a lóhùn, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀.

Ibi tí mo ti ń rí i tí àwọn ènìyàn ń bà á jẹ́ ló kàn. Ká ní ìyá dáhùn pé: “Ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀ ni. Òwú ni màmá rẹ̀ fẹ́, ọmọ ló ní òun ò fẹ́.” Kí ó tó sọ ọ́ tán, ẹni tó ti há ìbéèrè sórí láti ilé yóò ti sọ pé: “Ó tó ọdún mélòó tẹ́ ẹ ti ń dirun?” Ìyá á ní “Ó pẹ́”, á sì tún kọjú sí orí tó ń dì. Mo ti rí èyí léraléra. Kì í ṣe pé ìyá ń bínú. Ó ti fi ọ̀rọ̀ ọmọ àti ìyá rẹ̀ lélẹ̀, ẹ ò sì gbé e.

Torí náà, ẹ má há ìbéèrè kejì sórí. Ẹ jẹ́ kí ó dáhùn tán, kí ẹ wo ọ̀rọ̀ tó sọ láìjẹ́ pé ẹ bi í. Orúkọ irun lẹ bi í, òun ló fi òwú kún un. Òwú yẹn ni kí ẹ mú: “Kí ló fà á tó fi kọ òwú?” Á wá sọ bí òwú ṣe máa ń fa etí irun, bí ọmọ kì í ṣe rí oorun sùn lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bá kó o, àti bí òun ṣe máa ń dẹ ọwọ́ fún àwọn ọmọdé.

Bí kò bá fi nǹkan kan kún un, ẹ tún ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn sọ, “Ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀?”, kí ẹ sì dákẹ́. Èmi a máa ka ẹyọ kan dé márùn-ún nínú ọkàn mi.

Iye owó tó ń pa àti iye ọmọ tó bí, ẹ má fi ṣe ìbéèrè kejì láé. Bí “hùn-ùn” bá jẹ́ ìdáhùn lẹ́ẹ̀mejì, tàbí tí oníbàárà mìíràn bá dé, ẹ ní “Ajé á wọgbá o”, kí ẹ máa lọ.