Bí mo ṣe fi jígí àti òjìji rí áígínfálù láì fọwọ́ kan pólínómíà

Ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, àbúrò mi obìnrin tó wà ní ọdún kejì ní yunifásítì fi ìṣirò kan ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù. Mátíríìsì kan ni wọ́n fún un, wọ́n ní kó wá àwọn áígínfálù rẹ̀:

```
        |  7  -4  -4 |
R = 1/9 | -4   1  -8 |
        | -4  -8   1 |
```

Gbólóhùn kan wà lábẹ́ rẹ̀ pé R máa ń ṣe bíi jígí: gbogbo ohun tó wà lápá kan ojú pẹrẹsẹ x + 2y + 2z = 0 ni ó ń gbé lọ sí apá kejì. Àbúrò mi fojú fo gbólóhùn yẹn. Èmi náà fojú fò ó.

Mo ṣe é bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Mo yọ λ, àmì tó dúró fún áígínfálù tí à ń wá, kúrò lára nọ́ńbà mẹ́ta tó wà lórí ìlà ìdábùú, ìyẹn ìlà tó ti igun òkè lápá òsì sọ̀ kalẹ̀ dé igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, mo sì wá ditẹ́mínáǹtì. Nígbà tí mo fi máa parí, ìwé mi ti kún fún ìdá mẹ́sàn-án àti ìdá mọ́kànlélọ́gọ́rin. Ohun tó jáde ni λ³ − λ² + λ + 1 = 0. Mo fi 1 sípò λ, ó fún mi ní 2. Mo fi -1 síbẹ̀, ó fún mi ní -2. Kò sí odidi nọ́ńbà kankan tó bá a mu. Mo mọ̀ pé mo ti ṣìṣe níbì kan, ṣùgbọ́n agbára àtitún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ kò sí mọ́. Ìgbà náà ni mo padà lọ ka ìbéèrè, tí ọ̀rọ̀ jígí yẹn sì wọ̀ mí lọ́kàn.

Kí ni áígínfálù ń bèèrè gan-an? Ẹ jẹ́ ká wo fẹ́kítọ̀ bí ọfà tó bẹ̀rẹ̀ láti ojú òdo. Ìbéèrè náà ni pé, ọfà wo ni mátíríìsì yìí kò gbé kúrò lórí ìlà tó wà? Ó lè fà á gùn, ó lè sún un kì, ó lè yí orí rẹ̀ sẹ́yìn, níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì wà lórí ìlà kan náà. Iye tí mátíríìsì fi sọ ọfà yẹn di púpọ̀ ni áígínfálù.

Mo gbé jígí ìwojú kan, mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì, mo sì mú báírò. Nígbà tí mo tẹ́ báírò náà sórí jígí, òun àti àwòrán rẹ̀ wà pọ̀ sójú kan. Jígí tí kò nípọn rárá, irú èyí tí ìṣirò ń sọ, kò ní yí i padà rárá: λ = 1. Nígbà tí mo gbé báírò náà dúró ṣánṣán, àwòrán rẹ̀ dorí kodò nísàlẹ̀ rẹ̀, ó gùn tó o, ó sì wà lórí ìlà kan náà: λ = -1. Nígbà tí mo wá dà á sí ẹ̀gbẹ́, tí kò sùn tí kò sì dúró, àwòrán rẹ̀ fì sí ọ̀nà mìíràn. Òun àti báírò kò sí lórí ìlà kan náà mọ́, nítorí náà irú ọfà bẹ́ẹ̀ kò sí lára àwọn tí à ń wá.

Ó wá ku kíkà. Lórí ojú pẹrẹsẹ, ọfà méjì tí ọ̀nà wọn yàtọ̀ la lè yàn. Mo mú (2, -1, 0) àti (0, 1, -1), nítorí pé bí ẹ bá fi wọ́n sínú x + 2y + 2z, òdo ni méjèèjì yóò fún yín. Nítorí náà, 1 fara hàn lẹ́ẹ̀méjì. Ọfà tó dúró ṣánṣán sí ojú pẹrẹsẹ náà ẹyọ kan ni, inú ìbéèrè gan-an la ti lè kà á: (1, 2, 2). Òun ló ni -1. Ọfà mẹ́ta ti pé fún àyè oníbùú mẹ́ta, kò sí ibi tí áígínfálù mìíràn lè fara pamọ́ sí. Ìdáhùn ni 1, 1, -1.

Mo yẹ̀ ẹ́ wò lọ́nà méjì. Ìlà àkọ́kọ́ R lórí (1, 2, 2) fún mi ní 7 − 8 − 8 = -9, tí mo bá sì pín in sí 9, ó di -1, bó ṣe yẹ. Lẹ́yìn náà, àpapọ̀ àwọn nọ́ńbà orí ìlà ìdábùú gbọ́dọ̀ bá àpapọ̀ àwọn áígínfálù dọ́gba: 7 + 1 + 1 jẹ́ 9, tí a bá pín in sí 9, ó jẹ́ 1, 1 + 1 − 1 náà jẹ́ 1. Ìgbà yìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí àṣìṣe mi àkọ́kọ́. (λ − 1)²(λ + 1) tí a bá tú u jẹ́ λ³ − λ² − λ + 1. Àmì kan ṣoṣo tó wà níwájú λ ni mo yí, ó sì ba gbogbo iṣẹ́ jẹ́.

Apá kejì ìbéèrè náà ń wá áígínfálù P, mátíríìsì tó ń ju òjìji ọfà sórí ojú pẹrẹsẹ kan náà, bí ìgbà tí oòrùn wà ní àtàrí. Ọfà tó sùn sórí ilẹ̀ ni òjìji ara rẹ̀: 1, lẹ́ẹ̀méjì. Ọfà tó dúró ṣánṣán, òjìji rẹ̀ kò ju ojú òdo lọ: 0. Àbúrò mi kọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣebí wọ́n ní fẹ́kítọ̀ òdo kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀?"

Mo sọ fún un pé ọfà gan-an ni kò gbọdọ̀ jẹ́ òdo. Báírò ṣì wà lọ́wọ́ rẹ, òjìji rẹ̀ ló pòórá. Iye λ lè jẹ́ òdo láìsí ìjà.

Ibi tí mo fẹ́ kó ṣọ́ra jù ni oòrùn ìrọ̀lẹ́. Ẹ wo èyí:

```
Q = | 1  1 |
    | 0  0 |
```

Òjìji lèyí náà, nítorí pé Q² = Q: òjìji òjìji kò yàtọ̀ sí òjìji. Áígínfálù rẹ̀ ṣì ni 1 àti 0. Ṣùgbọ́n ọfà tó dúró ṣánṣán, (0, 1), kò pòórá: ó di (1, 0). Èyí tó pòórá ni (1, -1), ìyẹn ọ̀nà tí ìtànṣán oòrùn gbà wọlé. Bí mátíríìsì òjìji kò bá dọ́gba ní apá méjèèjì ìlà ìdábùú rẹ̀, ẹ má ṣe rò pé ọfà tó dúró ṣánṣán ló ni òdo. Ìtànṣán ni kí ẹ wá.

Lọ́jọ́ kejì, mo fún un ní tirẹ̀ láti ṣe: kí jígí náà má jẹ́ ojú pẹrẹsẹ mọ́, kó jẹ́ ìlà kan ṣoṣo tó gba (1, 2, 2) kọjá. Kò mú ìwé rárá. Ó ní ọfà tó wà lórí ìlà kò yí padà, méjì tó dúró ṣánṣán sí i ni yóò dorí kodò, nítorí náà 1, -1, -1. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó tún pè mí padà, inú rẹ̀ dùn. Ó ti kọ mátíríìsì náà jáde, ó sì rí i pé R kan náà ni, tí gbogbo àmì inú rẹ̀ yí padà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo fi ọsàn kan gbìyànjú ẹ̀. Mo fi igi gún un láàárín, mo yí i ní 180°. Ohun kan náà ni!"